#N/A kò sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni, àmọ́ inú ṣíìtì la ti máa sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní lísìtì méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó forúkọ sílẹ̀, tí èkejì jẹ́ ti àwọn tó sanwó, tẹ́ ẹ wá fẹ́ kí fọ́múlà bá yín so méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ó kan ẹni tó ń kọ ìwé àjọ, ó kan ẹni tó ń gba owó ẹgbẹ́, ó sì kan ẹni tó ń ta ọjà lórí fóònù.

2/
Bí iṣẹ́ yìí ṣe dé ọwọ́ mi nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣègbéyàwó, ó ní kí n bá òun bójú tó àkọsílẹ̀ aṣọ ẹbí. ₦45,000 ni aṣọ kan. Èèyàn 120 ló kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú fọ́ọ̀mù tá a fi ránṣẹ́. Ẹ̀ka ṣíìtì tí ìyẹn wà ń jẹ́ `Foomu`. Àbúrò ìyàwó ló ń gba ẹ̀rí ìsanwó lórí WhatsApp, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, àti iye owó. Ìlà 97 ló kọ. Ẹ̀ka tìyẹn ń jẹ́ `Owo`.

3/
Ẹ lè ní, kí ló dé tí n kò fi orúkọ so wọ́n pọ̀? Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí orúkọ wa ṣe rí. Ẹnì kan á kọ Olúbùkọ́lá sínú fọ́ọ̀mù, orí ẹ̀rí ìsanwó á gbé Bukky. Ẹlòmíì á kọ Ìyá Ìbejì, ọkọ rẹ̀ ló sì sanwó láti inú àkáǹtì tirẹ̀. Ṣíìtì ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà nínú lísìtì méjèèjì, tí kì í sì í jẹ́ ti èèyàn méjì. Òun ni mo sọ di kọ́kọ́rọ́.

4/
Fọ́múlà tí mo kọ́kọ́ kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú `Foomu` rèé:

```
=VLOOKUP(A2,Owo!$A$2:$C$98,3,FALSE)
```

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. `A2` ni nọ́ńbà tí mò ń wá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ibi tí mo ní kó ti lọ wá a. `3` sọ pé tó bá rí i, kó mú ohun tó wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kẹta wá, ìyẹn iye owó. `FALSE` ní tirẹ̀ sọ pé bí kò bá bára mu régí, kó má mú nǹkan kan wá.

5/
Ẹ má fojú kéré `FALSE` yẹn o. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, VLOOKUP á gbà pé ẹ ti to lísìtì yín láti kékeré lọ sí ńlá, á sì máa mú èyí tó sún mọ́ ọn jù wá. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ á wá ní ₦45,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, owó ẹlòmíì sì ni. Kò ní kígbe, kò ní fi àmì pupa hàn. Kí ó sọ pé òun kò rí i sàn ju kó mú ti oníti wá fún yín lọ. Àmì dọ́là inú fọ́múlà náà sì níṣẹ́: òun ló so ibi tí à ń wá a mọ́lẹ̀, kó má baà máa sún sísàlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fa fọ́múlà lọ.

6/
Mo fa fọ́múlà dé ìsàlẹ̀. Èèyàn 41 ló ní owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Àwọn 79 yòókù, `#N/A` ló jáde.

Ìyá ìyàwó sì ti ń dúró. Wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, ṣé o ti rí orúkọ àwọn tí kò tíì sanwó? Fi wọ́n sí gúrúùpù lálẹ́ yìí, kí ojú tì wọ́n díẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ẹ fún mi di ọ̀la. Àwọn kan wà níbí tí mo rò pé wọ́n ti san."

7/
Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kò le. Ìlà 97 ló wà nínú `Owo`, èèyàn 41 péré ni fọ́múlà rí. Owó tó lé ní ìdajì lísìtì ti wọlé, kò sì ní olówó. Owó kì í wọ àkáǹtì fúnra rẹ̀. Nígbà tí iye tó bára mu bá kéré báyìí sí iye ìlà tẹ́ ẹ ní, kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe èèyàn.

`#N/A` kò sọ pé ẹni yìí kò sanwó. Ohun tó sọ ni pé, "Mo wá ohun tó o kọ síbí yìí, mi ò rí irú ẹ̀ gan-an lọ́hùn-ún." Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

8/
Mo mú ẹnì kan tí mo mọ̀ dájú pé ó ti san, mo wá a lójú ara mi. Nọ́ńbà tí màá fi hàn yín kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Nínú `Foomu`, ohun tó wà níbẹ̀ ni 08001234567. Nínú `Owo`, 8001234567 ni. Òdo iwájú ti lọ.

Ibo ló lọ? Ṣíìtì ló jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà fóònù sínú àpótí lásán, ṣíìtì á rò pé iye ni, bí ẹni ń ka owó. Òdo iwájú iye kò wúlò fún un, á yọ ọ́ dànù. Kẹ́ ẹ yan `Plain text` fún kọ́lọ́ọ̀mù náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìlà àkọ́kọ́ tí àbúrò ìyàwó kọ wà báyẹn, ìdí nìyẹn tí 41 fi bára mu. Ìsàlẹ̀ kò sí báyẹn.

9/
Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ọ́n láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wo ibi tí nọ́ńbà náà fara tì nínú àpótí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí i padà, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì, iye máa ń fara ti ọ̀tún. Tí kọ́lọ́ọ̀mù kan náà bá ní àwọn tó fara ti òsì àti àwọn tó fara ti ọ̀tún, wàhálà ti wà níbẹ̀. Fún VLOOKUP, ọ̀rọ̀ àti iye kì í ṣe nǹkan kan náà, kódà bí gbogbo dígíìtì wọn bá dọ́gba lójú yín.

10/
Òdo nìkan kọ́ o. Àwọn míì wà tí àbúrò ìyàwó dà kọ láti orí WhatsApp, wọ́n wá ní +234 800 123 4567, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Nínú fọ́ọ̀mù náà, àwọn kan kọ 0800-123-4567. Àwọn kan fi àlàfo kan sí ìparí, èyí tí ojú kò lè rí rárá. Tí nǹkan bá rú yín lójú, ẹ fi `LEN` ka iye àmì tó wà nínú àpótí náà:

```
=LEN(A2)
```

Nọ́ńbà fóònù wa jẹ́ dígíìtì 11. Tó bá ní 12, tẹ́ ẹ sì ń rí 11, àlàfo ló fara pamọ́ síbẹ̀.

11/
Mi ò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan. Mi ò sì fọwọ́ kan ohun tí àwọn èèyàn kọ. Mo fi kọ́lọ́ọ̀mù tuntun kan síwájú nínú ẹ̀ka méjèèjì. Nọ́ńbà àtijọ́ wá bọ́ sí B, orúkọ bọ́ sí C, owó bọ́ sí D. Inú A tuntun ni mo ti ṣe kọ́kọ́rọ́ tó mọ́:

```
="0"&RIGHT(REGEXREPLACE(B2&"","\D",""),10)
```

Ẹ kà á láti inú bọ̀ síta. `B2&""` sọ ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ di ọ̀rọ̀. `REGEXREPLACE` yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe dígíìtì dànù: àlàfo, àmì, gbogbo ẹ̀. `RIGHT` mú dígíìtì 10 tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà la fi òdo kan síwájú.

12/
Kí ló dé tó fi jẹ́ 10 tó gbẹ̀yìn? Torí pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti pàdé. 08001234567, 8001234567 àti +234 800 123 4567: iwájú nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé iwájú kúrò, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù. Iṣẹ́ tí à ń ṣe gan-an nìyẹn: kí lísìtì méjèèjì sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà kó tó di pé a bi wọ́n léèrè.

Google Sheets ni mo lò. Bó bá jẹ́ Excel àtijọ́ tí kò ní `REGEXREPLACE` lẹ ní, èyí á ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà:

```
="0"&RIGHT(SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(B2," ",""),"-",""),10)
```

13/
Fọ́múlà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tí ẹnì kan bá gbàgbé dígíìtì kan nínú nọ́ńbà tí kò ní òdo tàbí +234 níwájú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á kúrú, `LEN` á sì tú u fó torí kò ní pé 11. Àmọ́ tí ẹnì kan bá kọ nọ́ńbà méjì sínú àpótí kan, bíi pé "ẹ pe èyí tàbí èyí", fọ́múlà á mú ti ìkejì nìkan, `LEN` kọ́kọ́rọ́ náà á sì pé 11 láìlẹ́bi. Torí náà, B àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi `LEN` wò fún irú ìyẹn. Èyí tó bá gùn ju 17 lọ, ẹ fojú ara yín wò ó, torí +234 800 123 4567 pẹ̀lú gbogbo àlàfo rẹ̀ kò ju 17 lọ.

14/
Mo wá tún béèrè, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tuntun:

```
=IFNA(VLOOKUP(A2,Owo!$A$2:$D$98,4,FALSE),"mi ò rí i")
```

Láti 41, a bọ́ sí 86. Èèyàn márùndínláàádọ́ta tí à bá ti kọ orúkọ wọn sí gúrúùpù lálẹ́ àná, wọ́n ti sanwó látọjọ́ yìí.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo ní kí `IFNA` kọ. "Mi ò rí i" ni, kì í ṣe "kò sanwó", kì í sì í ṣe 0. Tẹ́ ẹ bá fi 0 síbẹ̀, ẹni tó bá gba ṣíìtì náà lọ́wọ́ yín á kà á sí gbèsè. Mi ò sì lo `IFERROR`, torí gbogbo àṣìṣe nìyẹn máa ń bò mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣi orúkọ fọ́múlà kọ pàápàá, á kàn máa sọ fún yín jẹ́jẹ́ pé òun ò rí i.

15/
Ó ku 34. Ṣé àwọn yìí ni kò wá sanwó? Ẹ ní sùúrù. Títí di àsìkò yìí, ẹ̀gbẹ́ kan la ti ń béèrè: a ń mú ẹni inú `Foomu`, a ń wá a nínú `Owo`. VLOOKUP kò lè sọ ohun tó wà lọ́hùn-ún tí a kò béèrè fún yín láé. Torí náà mo yí ìbéèrè padà. Mo lọ sínú `Owo`, mo kọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan:

```
=COUNTIF(Foomu!$A$2:$A$121,A2)
```

Ìgbà mélòó ni kọ́kọ́rọ́ yìí jáde nínú `Foomu`? Ẹni tó bá ní 1, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní 0, ó sanwó, a kò sì mọ̀ ọ́n. Tí 2 bá jáde, ẹnì kan ló kọ fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì. Tiwa kò ní irú ẹ̀.

16/
Ìlà méje ló ní 0. Èèyàn méje tí owó wọn wà lọ́wọ́ wa, tí aṣọ wọn kò sì ní sí tá a bá dúró síbi `#N/A`.

Fọ́múlà kankan ò lè tán ìyẹn, tẹlifóònù ló kù. Èyí tí mo kọ́kọ́ pè jẹ́ àǹtí ìyàwó kan.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni mo torí ẹ̀ pè. Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà wo lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù?"

"Èyí tó o fi pè mí yìí kọ́ o, ọmọ mi. Ti Glo mi ni mo kọ síbẹ̀. Èyí ni mo fi ń ṣe WhatsApp."

Ó parí.

17/
Nínú àwọn méje náà, mẹ́rin ló rí bíi ti àǹtí yìí: nọ́ńbà kan nínú fọ́ọ̀mù, òmíràn lórí WhatsApp, tàbí kó jẹ́ pé ọkọ ló fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Ẹnì kan ṣi dígíìtì kan tẹ̀. Àwọn méjì tó kù kò kọ fọ́ọ̀mù rárá, wọ́n kàn sanwó ni.

Mi ò pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Mo da kọ́kọ́rọ́ inú `Owo` kọ sí kọ́lọ́ọ̀mù E, tí COUNTIF náà sì wà ní F. Nínú E, mo yí ti àwọn márùn-ún náà padà sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù, mo sì kọ ọjọ́ tí mo pè wọ́n sí G. Tẹ́nì kan bá bi mí lọ́la pé báwo ni mo ṣe mọ̀, ó wà níbẹ̀.

18/
Ó ku nǹkan kan. Ìlà 97, àmọ́ èèyàn mélòó? Àwọn mẹ́rin san tiwọn lẹ́ẹ̀mejì: ₦25,000 lákọ̀ọ́kọ́, ₦20,000 lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni VLOOKUP máa ń rí èèyàn. Tó bá ti rí ìlà àkọ́kọ́, ó ti dúró nìyẹn. Lójú tirẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí ṣì jẹ ₦20,000. Nígbà tó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́ kà, tí èèyàn sì lè sanwó díẹ̀díẹ̀, `SUMIF` ni kẹ́ ẹ pè, torí òun á kó gbogbo rẹ̀ jọ:

```
=SUMIF(Owo!$E$2:$E$98,A2,Owo!$D$2:$D$98)
```

Ẹ rántí pé 0 ni SUMIF máa ń fún ẹni tí kò bá rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lò ó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo ti wá gbogbo wọn lọ sókè sódò.

19/
Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé mo ti parí? Mo fi owó wé owó. Gbogbo ohun tó wọ `Owo` jẹ́ ₦4,185,000. Nígbà tí mo fi VLOOKUP nìkan ka ti àwọn 86, ₦3,790,000 ló jáde. Mo fi SUMIF ka àwọn 86 yẹn kan náà, ó di ₦3,870,000. ₦80,000 tó lé yẹn ni àfikún àwọn mẹ́rin tó san lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ₦315,000, ìyẹn aṣọ méje gééré. Nígbà tí mo tún ti àwọn márùn-ún ṣe, ó di ₦4,095,000. ₦90,000 tó kù jẹ́ ti àwọn méjì tí kò kọ fọ́ọ̀mù. Kọ́bọ̀ kan kò ṣòfò.

Tí àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá dọ́gba, tẹ́ ẹ kò sì lè dárúkọ ẹni tó ni ìyàtọ̀ náà, iṣẹ́ kò tíì tán.

20/
Nítorí náà: àwọn 91 nínú 120 ti san pé. Èèyàn 29 ni kò tíì sanwó ní tòótọ́. Àwọn méjì tó san láìforúkọ sílẹ̀, mo kọ fọ́ọ̀mù bá wọn.

Mo pe Mummy padà. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Èèyàn 29 ló kù, kì í ṣe 79."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "79? Ta ló ń jẹ́ 79? Ṣé a ò ní gbé wọn bú?" Wọ́n wá ní kí n má fi ohunkóhun sí gúrúùpù mọ́, pé àwọn fúnra wọn á pe àwọn 29 náà.

21/
Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí, bí mo ṣe tò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ nínú lísìtì méjèèjì. Ẹ wá a láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tún wá a láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi fóònù pe oní-ǹkan. Kẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ fi àròpọ̀ wé àròpọ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ pè ní onígbèsè kẹ́ ẹ tó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣíìtì tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ bí nọ́ńbà yín ṣe rí sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí dígíìtì rẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ o, gbogbo ayé ló ń kà á níbí.